Kótéṣàn Tí Wọn Ò Dáhùn: Bí Oníwíńdò Kan Ṣe Tọ Iṣẹ́ Lẹ́yìn Láì Dógò Ti Ẹnikẹ́ni

Ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan níbí l'Óṣogbo kọ́ yàrá ìkàwé tuntun mẹ́fà, ó wá ku wíńdò. Wọ́n pe ọmọkùnrin kan tó ń ṣe alumíníọ̀mù ní Alẹ́kúwódò pé kó wá wọn ihò wíńdò, kó sì mú kótéṣàn wá. Ó lọ, ó wọ̀n wọ́n: yàrá mẹ́fà, wíńdò mẹ́rin mẹ́rin, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin ní ìbú, mẹ́rin ní gíga. Èmi ni mo tẹ kótéṣàn náà fún un, torí iṣẹ́ tí mò ń ṣe nìyẹn ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà mi ní Òkè-Fìà. Káfíńtà, oníwáyà, wẹ́dà àti àwọn tó ń se oúnjẹ òde ló pọ̀ jù nínú àwọn oníbàárà mi. Wíńdò kan, 68,000 náírà; mẹ́rìnlélógún, 1,632,000 náírà. Nísàlẹ̀ ìwé, ó ní kí n kọ ọ́ pé wọ́n á san ìdá àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún sílẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ìyẹn 1,142,400 náírà. Ẹ fi iye yẹn sọ́kàn.

Búsà ilé-ẹ̀kọ́ náà ló gba kótéṣàn lórí Wásáàpù, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù keje. Ó fèsì lójú ẹsẹ̀ pé, "A ti rí i, ẹ ṣeun." Lẹ́yìn ìyẹn, kẹ́kẹ́ pa mọ́ ọn lẹ́nu.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kan kọjá, ọmọkùnrin náà padà wá bá mi, ojú rẹ̀ le. Ó ti pe búsà lẹ́ẹ̀mejì ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà, ìyẹn ò gbé e. Ó ti gbé ọ̀rọ̀ kan sórí sítátọ́ọ̀sì rẹ̀ pé àwọn kan máa ń pe oníṣẹ́ wá wọn ilé kiri lásán. Ó sì ti kọ ohun tó fẹ́ fi ránṣẹ́ sórí fóònù, ó ní kí n bá òun tún un ṣe kó lè dùn létí:

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ sà. Láti Àbámẹ́ta tó kọjá ni mo ti fi kótéṣàn ránṣẹ́ sí yín, ẹ ò sì sọ nǹkan kan. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ṣì fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí àbí ẹ ò ṣe mọ́? Mo lè yọ nǹkan díẹ̀ kúrò nínú owó náà."

Mo ní kó kọ́kọ́ pa sítátọ́ọ̀sì yẹn rẹ́. Nọ́ńbà búsà wà lórí fóònù rẹ̀, ìyẹn náà ń rí ohun tó ń gbé síbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó máa ka ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ tí kò ní mọ̀ pé òun ni wọ́n ń bá wí. Ó pa á rẹ́, ṣùgbọ́n ó ń kùn.

Ọ̀rọ̀ tó kọ yẹn gan-an la jọ jókòó tì. Kò sí èébú nínú rẹ̀, "ẹ jọ̀ọ́" àti "sà" wà níbẹ̀, síbẹ̀ ó le. Ohun tó mú un le ni pé ó sọ búsà di ajigbèsè. Láyé àwọn bàbá wa, ẹni tí wọ́n jẹ lówó lè lọ dógò sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, á jókòó síbẹ̀ títí wọ́n á fi sanwó, kò sì dìgbà tó bá sọ̀rọ̀ kójú tó ti onílé. "Ẹ ò sì sọ nǹkan kan" ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Ẹni tó bèèrè iye owó iṣẹ́ kò tíì jẹ ẹ́ ní nǹkan kan. Tí ọ̀sẹ̀ kan bá sì ti kọjá láì dáhùn, ojú ti ń tì í díẹ̀ ná. Bí o bá tún rán an létí pé kò dáhùn, ojú á tì í sí i, ohun tó sì rọrùn jù fún ẹni tójú ń tì ni kó má gbé fóònù.

Èkejì ni ìbéèrè tó bi í: ṣé ẹ fẹ́ ṣe é àbí ẹ ò ṣe. Búsà ò lè dáhùn ìyẹn. Alhaja tó ni ilé-ẹ̀kọ́ ló ń pàṣẹ, búsà kàn ń kó ìwé jọ ni. Bí o bá bi èèyàn ní ohun tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, tí kò sì fẹ́ kí o mọ̀ pé kò sí lọ́wọ́ òun, ó di dandan kó dákẹ́.

Ìyọwó ló wá burú jù. Kò sẹ́ni tó sọ pé owó náà pọ̀ jù. Bí oníṣẹ́ bá fúnra rẹ̀ dínwó kí ẹnikẹ́ni tó yọwó lọ́wọ́ rẹ̀, ohun tó ń sọ fún oníbàárà ni pé àbùmọ́ wà nínú 68,000 tẹ́lẹ̀, àti pé bí wọ́n bá tún dákẹ́ lọ́sẹ̀ kan sí i, á tún wálẹ̀.

Mo wá bi í pé kí ló rí níbi iṣẹ́ náà lọ́jọ́ tó lọ wọ̀n ọ́n tí kò sí nínú kótéṣàn. Ó ronú títí. Ó ní ihò wíńdò méjì wà ní yàrá tó gbẹ̀yìn tí bíríkìlà kò tíì rẹ́ ẹ̀gbẹ́ wọn. Òun kàn fojú bù wọ́n mọ́ àwọn yòókù ni. Ó ní bí wọn ò bá rẹ́ wọn kí àwọn tó gé irin, wíńdò kò ní wọlé, torí símẹ́ńtì tí wọ́n á fi rẹ́ ẹ á jẹ nínú ìbú ihò náà lápá méjèèjì. Mo ní ohun tó máa fi kọ̀wé nìyẹn. Ó wúlò fún ilé-ẹ̀kọ́ náà, ì báà jẹ́ òun ni wọ́n gbé iṣẹ́ fún tàbí ẹlòmíràn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun la fi ránṣẹ́, bí aago mẹ́wàá àárọ̀. Ọjọ́ Ajé ni àwọn òbí máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà búsà fún ọ̀rọ̀ owó ilé-ìwé, ọ̀sán Jímọ̀ sì rèé, kò sẹ́ni tó wà ní ìdí tábìlì. Ohun tó fi ránṣẹ́ nìyí:

"Ẹ kú iṣẹ́ sà. Èmi oníwíńdò tó wá wọn yàrá ìkàwé tuntun ni. Mo rántí ohun kan tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀: ihò wíńdò méjì ní yàrá tó gbẹ̀yìn ṣì wà láìrẹ́. Ẹni yòówù kẹ́ ẹ gbé iṣẹ́ wíńdò fún, ẹ jẹ́ kí bíríkìlà parí wọn kí wọ́n tó gé irin, kó má baà di pé wíńdò ò wọlé. Mo tún fi àwòrán kótéṣàn náà sísàlẹ̀ kẹ́ ẹ má baà máa wá a. Ṣé bíríkìlà yín ṣì wà níbẹ̀?"

Ẹ wo bó ṣe parí. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, búsà mọ ìdáhùn rẹ̀, kò kan owó, kò sì kan ìpinnu. A tún ya kótéṣàn ní fọ́tò dípò fáìlì, torí kì í ṣe gbogbo fóònù ló ń tètè ṣí fáìlì, kótéṣàn ọlọ́sẹ̀ kan sì ti wọlẹ̀ sábẹ́ àdúrà àárọ̀ àti fídíò tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ síra wọn.

Ọjọ́ náà kò tíì ṣú tí búsà fi dáhùn. Ó ní bíríkìlà ti lọ, àmọ́ àwọn á pè é padà. Ó wá fi kún un, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi í: "Ẹ má bínú pé a ò tíì kàn sí yín. Alhaja rìnrìn àjò, wọn ò tíì wò ó."

Gbólóhùn kan yẹn yí ọ̀rọ̀ padà. Títí di ìgbà yẹn, ohun tí ọmọkùnrin yìí ń rò ni pé wọ́n ti gbé iṣẹ́ fún ẹlòmíràn. Kò sóhun tó jọ ọ́. Bí a ṣe gbọ́ ọ nígbà yẹn, ìwé náà kò tíì dé iwájú ẹni tó máa pinnu.

Bó ṣe rí i pé Alhaja ni, ó ní òun mọ ẹnì kan tó lè fún òun ní nọ́ńbà wọn. Mo ní kó má dán an wò. Bí oníṣẹ́ bá fo búsà lórí, ẹni tó yẹ kó gbé ìwé rẹ̀ lọ siwájú ọ̀gá ló ti sọ di ọ̀tá yẹn, búsà sì mọ oríṣiríṣi ọ̀nà tí ìwé kan fi lè wà nísàlẹ̀ pátápátá láì sọnù. Ohun tó dáa jù ni kó mú iṣẹ́ búsà rọrùn. Ó wá bi í lórí Wásáàpù pé: "Mo dúpẹ́ sà. Bí Alhaja bá wò ó, kí lẹ rò pé wọ́n á kọ́kọ́ bèèrè, kí n lè ti múra rẹ̀ sílẹ̀ fún yín?"

Búsà kò fi nǹkan kan pa mọ́. Ó ní wọ́n á bèèrè ìdí tí tirẹ̀ fi ju ti ẹlòmíràn lọ. Oníwíńdò kan wà tó mú 60,000 wá. Ó tún ní Alhaja á dé láàárín ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọmọkùnrin náà bi í pé, "Ṣé kí n kàn sí yín lọ́jọ́ Àlàmísì ọ̀sẹ̀ náà?" Búsà ní kó ṣe bẹ́ẹ̀.

Nínú gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀, ìbéèrè kékeré yìí ni mo fẹ́ràn jù. Ẹni tó bá ti gba ọjọ́ lẹ́nu oníbàárà kò tún ní máa rò ó bóyá òun ń yọ ọ́ lẹ́nu, torí pé ìlérí ló ń mú ṣẹ. Tí kò bá tiẹ̀ kàn sí wọn lọ́jọ́ náà, òun gan-an ló yẹ̀ ẹ́.

A wá kọ ojú ìwé kan péré tí búsà lè tẹ̀ jáde kó sì gbé ka tábìlì. Kò sí ọ̀rọ̀ nípa oníwíńdò kejì nínú rẹ̀. A kàn to ohun tó wà nínú 68,000 sílẹ̀: gíláàsì mílímítà márùn-ún, bí irin alumíníọ̀mù ṣe nípọn sí, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, rọ́bà, gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń dí etí wíńdò kómi má baà wọlé, owó ọkọ̀ àti owó ìfisójú. Ẹni tó bá fi ìwé yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti 60,000 á lè bi ẹnì kejì pé mílímítà mélòó ni gíláàsì tirẹ̀, ṣé nẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀. Bóyá nǹkan kò sí nínú ti ẹnì kejì, àwa ò mọ̀, a ò sì sọ pé kò sí. Nísàlẹ̀, a kọ ohun mẹ́ta. Àkọ́kọ́ ni pé bí wọ́n bá yọ nẹ́ẹ̀tì, wíńdò kan á di 63,000. Èkejì ni pé iṣẹ́ náà ṣeé pín sí méjì: yàrá mẹ́ta báyìí, mẹ́ta nígbà mìíràn. Ẹ̀kẹta ni pé rírà irin, gígé àti ìfisójú fún gbogbo rẹ̀ gba nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì àtààbọ̀, nítorí náà, kí iṣẹ́ tó lè parí káwọn ọmọ tó wọlé lóṣù kẹsàn-án, ó yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀ kí ìdajì oṣù kẹjọ tó kọjá.

Ọmọkùnrin náà kò fẹ́ kí n kọ ti ọjọ́ yìí. Ó ní ó jọ ìhàlẹ̀. Mo ní ọjọ́ tí ilé-ẹ̀kọ́ ń wọlé kì í ṣe ọjọ́ tirẹ̀, ọjọ́ tiwọn ni. Ọ̀sẹ̀ méjì àtààbọ̀ yẹn sì jẹ́ òtítọ́. Ìhàlẹ̀ ni kó wí pé "owó á wọ́n lọ́la o" nígbà tí kò mọ̀ bóyá á wọ́n.

Àlàmísì dé, ó kọ gbólóhùn kan péré pé òun ní òun á kàn sí wọn lónìí, ṣé Alhaja ti dé? Kò sí èsì. Sùúrù ò gbé e mọ́ lọ́jọ́ kejì, ó pe búsà lọ́sàn-án Jímọ̀, bí aago kan kọjá díẹ̀, ó pè é lẹ́ẹ̀mejì. Búsà wà ní mọ́ṣáláṣí. Ẹni tó bá gbé l'Óṣogbo mọ̀ pé kì í ṣe ìgbà tí wọ́n ń pe èèyàn nìyẹn, òun náà mọ̀, inú ló bí i tí kò fi wo aago. Nígbà tó sọ fún mi, mo ní kó má tún fi ìwé àforíjìn ránṣẹ́, torí pé ìyẹn á tún jẹ́ ohun mìíràn tí búsà á ní láti dáhùn. Kó jẹ́ kí òpin ọ̀sẹ̀ kọjá.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní lílọ síbẹ̀ gan-an ni ìyọlẹ́nu. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́ bí èèyàn bá lọ lọ́wọ́ òfo, tó wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó ń wojú akọ̀wé. Òun ò lọ lọ́wọ́ òfo. Ó gé igun wíńdò kan, nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà kan, tó ní irin, gíláàsì, rọ́bà àti nẹ́ẹ̀tì tó ń yọ jáde tó sì ń wọlé. Ó gbé e fún búsà, ó ní: "Ẹ kú iṣẹ́ sà. Sámpù ohun tó wà nínú ìwé yẹn ni mo mú wá, kí Alhaja lè fọwọ́ kàn án. Mi ò ní jókòó, iṣẹ́ ń dúró dè mí." Búsà ní Alhaja wà nínú ọ́fíìsì, ṣé kó wọlé? Ó ní rárá, ìgbà tó bá rọ̀ wọ́n lọ́rùn ni. Ó lọ.

Èmi ì bá sọ fún un pé kó wọlé, kí n má parọ́. Àmọ́ ọ̀nà tirẹ̀ ló gbà, ó sì bọ́ sí i, torí lẹ́yìn ìrun ìṣá lálẹ́ ọjọ́ náà, Alhaja fúnra wọn pè é. Wọ́n ti fa nẹ́ẹ̀tì yẹn wọlé, wọ́n ti fà á jáde, wọ́n sì ti pinnu pé àwọn ò nílò rẹ̀, torí ọ̀sán làwọn ọmọ ń lọ sílé, ẹ̀fọn kankan kì í dúró dè wọ́n di alẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ ohun tó mú wọn dákẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

"Ọmọ mi, iṣẹ́ rẹ dáa. Ṣùgbọ́n ìparí sáà kẹta la wà yìí, àwọn òbí tó jẹ wá lówó pọ̀, owó tuntun ò sì ní wọlé àfi lóṣù kẹsàn-án. Ìgbà tí mo rí mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún náírà àti jù bẹ́ẹ̀ tó o ní ká san sílẹ̀, mo ní kí búsà gbé ìwé náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Mi ò mọ̀ pé a lè pín in."

Mílíọ̀nù kan àti díẹ̀ yẹn ni 1,142,400 tí mo tẹ̀ sísàlẹ̀ ìwé. Kì í ṣe 68,000 ló dí wọn lẹ́nu, kì í sì í ṣe oníwíńdò kejì. Ìrìn àjò tí búsà sọ pàápàá, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n wọ́n ti rí iye náà lórí fóònù kí wọ́n tó lọ. Ẹni tó ni ilé-ẹ̀kọ́ ńlá kò ní kọ̀wé sí oníṣẹ́ pé "a ò lówó lọ́wọ́." Nílùú wa níbí, irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í jáde lẹ́nu àgbà sí ọmọdé àfi bí ọ̀nà bá ti là tí wọ́n á fi sọ ọ́ láìsí ìtìjú. Ọ̀rọ̀ tó sọ pé iṣẹ́ ṣeé pín ló la ọ̀nà náà. Ká ní ó yọ ẹgbẹ̀rún mẹ́rin lórí wíńdò kọ̀ọ̀kan bó ṣe fẹ́ ṣe níjọ́sí, owó àsansílẹ̀ á ṣì ju mílíọ̀nù kan lọ, wọn ì bá ṣì dákẹ́.

Wọ́n gbé yàrá mẹ́ta fún un: wíńdò méjìlá ní 63,000, láìsí nẹ́ẹ̀tì, 756,000 náírà. Wọ́n san 529,200 sílẹ̀, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ kejì oṣù kẹjọ. Kì í ṣe odindi iṣẹ́ tó lọ wọ̀n, wọn ò sì ṣèlérí yàrá mẹ́ta yòókù fún un. Búsà ti pe bíríkìlà padà kí wọ́n tó dé ibi ihò méjì yẹn.

Láti ìgbà náà, ohun mẹ́ta ti yí padà nínú kótéṣàn tí mò ń tẹ̀ fún àwọn oníṣẹ́. Ọjọ́ tí iye owó ń parí ti wà lórí rẹ̀, tó máa ń jẹ́ ọjọ́ mẹ́rìnlá fún àwọn tó ń ra irin tàbí gíláàsì, torí wọn ò lè dá owó ọjà dúró. Ọjọ́ tí oníṣẹ́ á padà kàn sí oníbàárà wà níbẹ̀, tí a kọ ní tààrà: "Màá kàn sí yín lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, bóyá ìbéèrè wà." Bí iṣẹ́ bá sì ju ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta lọ, mo máa ń bi oníṣẹ́ kí n tó tẹ̀ ẹ́ bóyá ó ṣeé pín, àti báwo. Àwọn kan ò fẹ́ kọ ọ́, wọ́n ní oníbàárà á fi àyè yẹn ṣàbòsí. Ẹ̀rù wọn ò ṣàìnídìí. Wẹ́dà kan lọ́dọ̀ mi ṣe ìdajì géètì fún ẹnì kan, ìdajì kejì ò wá mọ́. Nítorí náà, ìpín tó bá máa lọ sórí ìwé gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó pé fúnra rẹ̀, bíi yàrá mẹ́ta tó ní wíńdò tán pátápátá, tí owó rẹ̀ sì wọlé tán kí ìpín kejì tó bẹ̀rẹ̀.

Ó kù ibi tí èèyàn máa dúró sí. Bí mo bá ti rí i pé oníṣẹ́ kàn sí wọn lẹ́ẹ̀mẹta, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní ohun tuntun nínú, tí èsì ò wá, mo máa ń ní kó kọ èyí tó kẹ́yìn kó sì mú ojú kúrò níbẹ̀. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ nìyí: "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta sà. Iye tó wà nínú kótéṣàn wa parí lọ́jọ́ Ẹtì. Mi ò ní yọ yín lẹ́nu mọ́ lórí rẹ̀. Ìgbàkigbà tí iṣẹ́ bá yá, ẹ pè mí, màá wá tún un wọ̀n lọ́fẹ̀ẹ́." Àwọn kan máa ń dáhùn èyí lójú ẹsẹ̀, torí ó ti mú ẹrù kúrò lórí wọn. Èyí tó pọ̀ kì í dáhùn.

Nígbà tí sáà tuntun wọlé, tí owó ilé-ìwé sì ń wọlé, ọmọkùnrin náà tún wá tẹ kótéṣàn fún yàrá mẹ́ta yòókù. Owó irin ti yí padà, ó di 66,000 fún wíńdò kan láìsí nẹ́ẹ̀tì. Kó tó fi ránṣẹ́, ó bi búsà pé ọjọ́ wo ló dáa kó mú un wá, búsà ní kó má wá lọ́jọ́ Ajé.